Kòrólà àbí RAV4: Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Mọ́lẹ̀ Kí Ẹ Wo Abẹ́ Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Ìlọrin, tí kò fẹ́ kí owó gbé òun mì, méjì lojú rẹ̀ sábà máa ń bá lọ: Kòrólà 2003 sí 2008, tàbí RAV4 2006 sí 2012. Ọ̀kan jẹ́ mọ́tò kékeré, ìkejì jẹ́ jíìpù kékeré. Ohun tí alágbàtà máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí, jíìpù ni kí ẹ gbà." Kò parọ́, àmọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ọ̀nà méjì ni títì burúkú ń gbà ba mọ́tò jẹ́: ó lè ha ikùn rẹ̀, ó sì lè ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ti ikùn nìkan ni gíga jíìpù ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ẹsẹ̀, jíìpù gan-an ló máa ń náni lówó jù.

Ẹ jẹ́ ká yára mú ti ikùn kúrò ńlẹ̀. Ẹ mọ bulọ́ọ̀kù ínǹṣì 6 tí wọ́n fi ń kọ́lé? Tẹ́ ẹ bá dà á délẹ̀ ní ìbú, gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15. Ibi tó rẹlẹ̀ jù lábẹ́ Kòrólà kò ju ìyẹn lọ nígbà tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. RAV4 tó nǹkan bí 19. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò ju ìbú ìka méjì lọ, àmọ́ ìka méjì yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe. Tí àgbàlagbà mẹ́rin bá jókòó sínú Kòrólà, tí àpò gàrí wà ní búùtù, tí sípíríìnì ẹ̀yìn sì ti gbó, ó lè fi sẹ̀ǹtímítà mélòó kan sọ̀ kalẹ̀. Nígbà náà ni ẹ óò gbọ́ tí páìpù èéfín ń họ bọ́m̀pù.

Ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ lọ sí ọ̀nà tó wọ ilé yín, níbi tí tírélà àti típà ti la ipa méjì, tí gegele sì yọ láàárín. Ẹ gbé pákó gígùn kan lé orí gegele náà kó nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wá fi tépù wọ̀n ọ́n láti abẹ́ pákó dé ìsàlẹ̀ ibi tí táyà ń gbà. Tó bá lé ní sẹ̀ǹtímítà 12, Kòrólà tó kún fún èrò máa fi ikùn wọ́lẹ̀ níbẹ̀. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ gíga ti tán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tà yín ní jíìpù.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tó máa ní kí wọ́n bá yín fi róbà tàbí irin sábẹ́ sípíríìnì láti gbé Kòrólà sókè. Tó bá ti ga jù, ṣáàfù iwájú á máa yí ní títẹ̀, róbà tó bò ó á ya, iyanrìn á wọlé. Nígbà tẹ́ ẹ bá wá ń yí kọ́nà, tẹ́ ẹ ń gbọ́ ta-ta-ta, ṣáàfù ti lọ nìyẹn. Sípíríìnì àti ṣọ́ọ̀kù tí kò tíì gbó máa dá gíga tó ti sọnù padà, kò sì ní da nǹkan míì rú.

Ó wá ku ẹsẹ̀, ibẹ̀ sì ni owó ń gbà jáde.

Níwájú, àwọn méjèèjì jọra. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀kù, lówà-áàmù kan tó ní búṣì oníróbà méjì àti bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì, línkéèjì, táí-rọ́ọ̀dù àti bíárìn. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti pínyà. Lẹ́yìn Kòrólà, irin gbọọrọ kan ṣoṣo ló so táyà méjèèjì pọ̀. Búṣì ńlá méjì ló fi mú ara mọ́tò, ṣọ́ọ̀kù méjì àti sípíríìnì méjì sì gbé e dúró. Ó tán. Lẹ́yìn RAV4, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá rìn, irin mẹ́rin ló sì di ẹsẹ̀ kan mú. Ìyẹn jẹ́ irin mẹ́jọ, búṣì sì wà lórí irin kọ̀ọ̀kan. Ètò yìí ló jẹ́ kí jíìpù rọ̀ lára nígbà tó bá bọ́ sí kòtò. Àmọ́ búṣì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ jẹ́ gbèsè tí ẹ óò san lọ́jọ́ kan.

Ẹ fi ti ìwúwo kún un. Kòrólà wà ní agbègbè kìlógíráàmù 1,150 sí 1,200. RAV4 lé ní 1,500. Kòtò kan náà ni wọ́n jọ bọ́ sí, àmọ́ èyí tó wúwo ló fara gbá jù. Jíìpù tún máa ń tan awakọ̀ jẹ: nítorí pé ìjókòó ò mì tìtì, ẹsẹ̀ kì í kúrò lórí tòtúù, búṣì ló sì ń jẹ ìyà tí ìdí ò mọ̀.

Bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Etí inú táyà ẹ̀yìn RAV4 á kọ́kọ́ máa jẹ, á dán bíi pé wọ́n fi fáìlì rẹ́ ẹ, nígbà tí etí ìta ṣì ní eyín dáadáa. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ò ní rí i. Àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀, kó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn táyà, kó fi ìka pa á. Onímọ́tò á ra táyà tuntun, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà á tún jẹ. Ẹjọ́ táyà kọ́. Búṣì ló ti rọ̀, táyà ò dúró gbọn-in mọ́. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe aláínmẹ́ńtì, wọ́n lè sọ pé bóòtù tí wọ́n fi ń tún ẹ̀yìn ṣe kò yí mọ́. Ìpẹtà ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú búṣì. Gígé ni wọ́n máa gé e, ẹ óò sì ra bóòtù àti irin tuntun. Kòrólà ò ní bóòtù báyẹn lẹ́yìn, nítorí náà kò sí ohun tó máa há.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì tún wà níbẹ̀, èyí sì kan mọ́tò méjèèjì. Ẹ máa rí i kí búṣì tuntun ya láàárín oṣù mélòó kan, kí gbogbo èèyàn sì máa pariwo pé ayédèrú ni. Nígbà míì, ayédèrú ni lóòótọ́. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, bí wọ́n ṣe dì í ló fà á. Mẹkáníìkì á fi jáàkì gbé mọ́tò, táyà á máa rọ̀ dirodiro, á ti búṣì bọlẹ̀, á sì fi sípánà dì í pinpin níbẹ̀. Róbà inú búṣì ti gba ipò ẹsẹ̀ tó ń rọ̀ nìyẹn. Bí mọ́tò bá ti wá sọ̀ kalẹ̀, tí ẹsẹ̀ ká sókè, róbà yẹn á lọ́, á sì wà ní lílọ́ tọ̀sán tòru, yálà mọ́tò ń rìn tàbí ó dúró. Kó tó pẹ́, ó ti ya. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ di bóòtù náà wẹ́rẹ́, kí wọ́n sọ mọ́tò kalẹ̀ lórí táyà tàbí kí wọ́n fi jáàkì kejì ti ẹsẹ̀ náà títí tí ìwúwo mọ́tò fi wà lórí rẹ̀, kí wọ́n tó wá dì í le. Kò lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi ṣe é. Lórí Kòrólà, ìwọ̀nba búṣì lẹ máa ṣọ́. Lórí RAV4, ẹ lè jókòó níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ti táyà ò le. Ohun tó ń gba rímù lọ́wọ́ kòtò ni gíga róbà láti rímù dé ilẹ̀. Kòrólà tó lo 195/65R15 ní nǹkan bíi mìlímítà 127. RAV4 tó lo 225/65R17 ní 146, ó sì dáa jù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ RAV4 tó lo 235/55R18 ní 129 péré, kò fi nǹkan kan ju Kòrólà lọ, ó sì tún wúwo. Rímù ńlá yẹn ni wọ́n sì máa ń fi tan ojú yín ní ibi ìtajà.

Àwọn yòókù ò gba àlàyé. Epo: láàárín ìgboro, Kòrólà máa ń mu bíi lítà 10 ní kìlómítà 100, RAV4 ẹ́ńjìnnì 2.4 bíi 12. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti ẹ̀rọ amúlétutù á fi kún méjèèjì. Ìbú: RAV4 fi bíi sẹ̀ǹtímítà 12 fẹ̀ jù, ẹ óò mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá méjì bá há yín mọ́ Ọjà-Ọba. Ẹ́ńjìnnì: 2AZ-FE tó wà nínú RAV4 2006 sí 2008 lórúkọ burúkú fún jíjẹ ọ́ìlì, torí náà láti 2009 sókè ni kí ẹ wá. RAV4 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ẹ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ìkòkò irin láàárín táyà méjèèjì tí ṣáàfù jáde lára rẹ̀ sí ọ̀tún sósì, ohun tó lè bàjẹ́ ti pọ̀ sí i, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbọ́dọ̀ jọ gbó dọ́gba. Ẹ fi í sílẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ẹ wà á ní nǹkan bíi kìlómítà 20 láàárín wákàtí lórí ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, kí ẹ pa rédíò. Kọ̀-kọ̀-kọ̀ wẹ́wẹ́, línkéèjì ni, kò wọ́n. Gbì kan tó wúwo, búṣì tàbí orí ṣọ́ọ̀kù. Ohùn hùùù tó ń ga bí eré ṣe ń pọ̀, bíárìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi jáàkì gbé táyà iwájú kan, ẹ di orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ mì í. Tó bá mì, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tàbí bíárìn ni. Ẹ di ọ̀tún àti òsì mú; tí ìyẹn nìkan bá mì, táí-rọ́ọ̀dù ni.

Ẹ jẹ́ ká fi tíṣà kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń gbé Táńkẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Póòsì Ọ́fíìsì, tó sì ń gba Ajásẹ́-Ìpo lọ sílé ní Ọ̀mù-Àrán lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ká fi àlọ àti àbọ̀ ti ilé sí kìlómítà 320 lóṣù, ká fi ti ìgboro sí 360. Ìyẹn jẹ́ 680. Tá a bá fi ìwọ̀n epo ti ìgboro ṣírò gbogbo rẹ̀: bíi lítà 68 fún Kòrólà, bíi 82 fún RAV4. Lítà mẹ́rìnlá ò ní sọ ẹnikẹ́ni di aláìní. Ó fi pákó wọn ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Táńkẹ̀, ó bá sẹ̀ǹtímítà 8. Tó bá jẹ́ 14 ló bá, RAV4 2009 sókè, rímù 17, tí kò sí ìkòkò irin lẹ́yìn rẹ̀, ni mi ò bá ní kó wá, kó sì ya owó búṣì sọ́tọ̀. Àmọ́ 8 ló bá. Kó gba Kòrólà, kó fi ìyókù owó ra táyà mẹ́rin 195/65R15 àti ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn méjì, kí wọ́n sì fi àwo irin tó ní ihò sábẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó tó gbé e gba ọ̀nà Ajásẹ́.