Àpótí káàdì àyọkà fún kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà: àwòrán tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́

Káàdì èlùbọ́ ló bí mi nínú débi tí mo fi ń kọ èyí. Kíláàsì karùn-ún ni mò ń kọ́ ní Ìbàdàn, owó ara mi ni mo sì fi ra àpótí yìí, torí àwọn ọmọ mi ń ka àyọkà já geere, àmọ́ bí mo bá ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n kà fún mi, wọn á tún padà lọ ka gbólóhùn àkọ́kọ́. Àwọn tó ṣe àpótí náà ṣèlérí pé nǹkan méjì ni káàdì wọn máa kọ́ ọmọ: kó máa fi ohun tó ti kà ro ohun tó ń bọ̀, kó sì lè sọ àyọkà ní ṣókí lẹ́nu ara rẹ̀. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn.

Ẹ wo bí káàdì èlùbọ́ ṣe lọ. Apá kìíní rẹ̀ sọ pé ìyá Bísí sá èlùbọ́ sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, ó ní kí Bísí máa ṣọ́ ọ kí òun tó ti ọjà dé. Bísí jókòó sábẹ́ igi. Kò pẹ́, ojú ọ̀run ṣú, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ewé, ìgbà náà gẹ́lẹ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é láti ojúde. Wọ́n wá fa ìlà pupa kan síbẹ̀ pé kí ọmọ dúró, kó sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Ibi tó yẹ kí wọ́n dá ìtàn dúró sí gan-an ni wọ́n dá a dúró sí, torí ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ níwájú Bísí, ẹ̀rí sì wà nílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yìn wọ́n fún èyí. Ẹni tó kọ àyọkà náà mọ iṣẹ́.

Àmọ́ òkè káàdì náà ni wọ́n ya àwòrán sí, àwọ̀ mèremère, ọmọbìnrin méjì tí wọ́n ń gbé abọ́ èlùbọ́ sáré wọlé nínú òjò. Òpin ìtàn nìyẹn! Gbogbo kíláàsì na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bá a kó o, mà. Mo bi ọmọbìnrin kan níwájú pé, "Ibo lo ti rí i nínú ohun tá a kà?" Ó gbé ìka lé abọ́ inú àwòrán. Kò purọ́, ibẹ̀ ló ti rí i. Ẹnikẹ́ni ò wo ojú ọ̀run tó ṣú, ẹnikẹ́ni ò ro ohun tí atẹ́gùn wá ṣe nínú ìtàn. Iṣẹ́ tó yẹ kí ọpọlọ wọn ṣe, àwòrán ti bá wọn ṣe é tán.

Èyí tó tún dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú ìwé atọ́nà olùkọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo fi bébà bo àwòrán, mo sì lo káàdì kan náà pẹ̀lú kíláàsì kẹrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí wọn ò tíì rí i rí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní Bísí máa tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣeré, torí ó ti ń jókòó lásán, á ti sú u. Ẹnì kan ní òjò máa pa èlùbọ́. Ọmọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn ní òjò ò ní rọ̀ rárá, torí atẹ́gùn tó lè gbé ewé yẹn máa gbé òjò lọ ni, ó ti rí i bẹ́ẹ̀ lóko bàbá rẹ̀. Ìdáhùn tó dáa jù lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ó mú ọ̀rọ̀ kan nínú àyọkà, ó fi ohun tí òun mọ̀ kún un, ó sì dé ibì kan. Mo ṣí ìwé atọ́nà, mo bá "ìdáhùn tó tọ́" níbẹ̀: ọ̀rẹ́ Bísí yóò ràn án lọ́wọ́. Máàkì kan. Èyíkéyìí mìíràn, òdo. Ta ló ń fún ọmọ ní òdo torí pé kò mọ ohun tí òǹkọ̀wé ò tíì sọ? Ẹ̀rí tí ọmọ mú wá ló yẹ ká wò. Bí apá kejì bá sì yàtọ̀ sí ohun tó rò, ká ní kó padà wá tún un rò, kó sọ gbólóhùn tó yí i lọ́kàn padà. Bí a bá ń fún un ní òdo, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kò ní sọ nǹkan kan mọ́, àbí kó máa dúró de ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àpótí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e, ó kí mi dáadáa. Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Mà, àwòrán ló ń jẹ́ kí ọmọdé fẹ́ràn ìwé." Mo ní mo mọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé àwòrán ìyá Bísí àti èlùbọ́ orí àpáta síbẹ̀, kí wọ́n má gbé òpin ìtàn. Ó ní àwọn oníbàárà yòókù ò ráhùn. Mo ní kó jẹ́ kí n bá ẹni tó kọ ìwé atọ́nà sọ̀rọ̀. Ó ní kí n ya fọ́tò káàdì náà, kí n fi ránṣẹ́ sórí Wátsáàpù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì méjì náà di búlúù, ẹnikẹ́ni ò fèsì. Nígbà tí mo tún pè, ẹlòmíràn ló gbé e, ó ní ṣé mo fẹ́ dá àpótí padà ni, pé bí mo bá ti já ọ̀rá ara rẹ̀, kò ṣeé dá padà mọ́. Èmi ò sọ pé mo fẹ́ dá nǹkan kan padà! Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni mo ń sọ, ọ̀rọ̀ ọjà ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Inú ń bí mi gidi gan-an.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni obìnrin kan wá pè mí fúnra rẹ̀. Ó ní òun ló kọ àwọn àyọkà náà, òun ti ṣe tíṣà fún ìgbà pípẹ́, pé ẹni tó ṣètò ojú ìwé ló fi àwòrán síbẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ òun. Kò gbèjà ìwé atọ́nà. Ó ní, "Àbúrò mi, ẹ gé káàdì náà síbi ìlà pupa. Apá kìíní nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn." Ó fi àyọkà gbogbo ránṣẹ́ sí mi láìsí àwòrán, mo sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ẹ ti dé ìdí káàdì ìsọníṣókí?" Mo ní rárá. Ó ní kí n lọ mú ti gàrí, àwa méjèèjì sì jọ ṣe é lórí fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ yẹn ni ojú tí mo fi ń wo àpótí yìí ti yí padà.

Àyọkà náà nìyí, mo kọ ọ́ síbí nítorí pé òun ni ọkàn àpótí náà: "Ẹ̀gẹ́ kì í dédé di gàrí. Wọ́n á kọ́kọ́ bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì rin ín. Wọ́n á dà á sínú àpò, wọ́n á gbé ohun tó wúwo lé e kí omi rẹ̀ lè fún dànù. Omi yìí ló ń gbé púpọ̀ nínú oró ara ẹ̀gẹ́ lọ. Bó bá ti gbẹ, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á sì yan án. Àwọn kan máa ń fi epo pupa sí i. Ẹni tó bá yan án kí omi tó fún tán kò ṣe gàrí gidi."

Bí ẹ bá ní kí ọmọ kíláàsì karùn-ún sọ èyí ní ṣókí, á kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ sílẹ̀, á fo díẹ̀, á kọ ti ìkẹyìn. Àwọn olùwádìí méjì, Ann Brown àti Jeanne Day, ti ṣàkíyèsí irú èyí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1983: ọmọ ọjọ́ orí yìí mọ bí a ṣe ń yọ ohun tí kò ṣe pàtàkì dànù, ṣùgbọ́n kó dá gbólóhùn kókó sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí àyọkà kò bá sọ ọ́, ìyẹn le fún wọn. Káàdì yìí sì gba ọ̀nà yẹn gan-an. Ìgbésẹ̀ kìíní, kí ọmọ fi pẹ́ńsù fa ìlà gba ohun tí àyọkà lè wà láìsí. Epo pupa lọ, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ìkejì, kó wá ọ̀rọ̀ kan tó lè gba ipò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bíbó, fífọ̀ àti rínrin di "wọ́n á tọ́jú ẹ̀gẹ́." Ìkẹta, kó wá gbólóhùn tó gbé gbogbo rẹ̀ dání. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ṣẹlẹ̀, torí púpọ̀ nínú wọn mú "Ẹ̀gẹ́ kì í dédé di gàrí." Mo bi wọ́n pé ẹni tí kò tíì ka káàdì, ṣé gbólóhùn yìí á sọ fún un ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹ̀gẹ́ náà? Wọ́n dákẹ́. Wọ́n rí i pé kò sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ló ṣe pàtàkì jù, kò sì sí nínú ìwé atọ́nà, ẹ̀gbọ́n yẹn ló fi kún un: kí wọ́n dojú káàdì bolẹ̀ kí wọ́n tó kọ̀wé. Ọmọ tí káàdì bá wà níwájú rẹ̀ á da àyọkà kọ ni. Òté tí wọ́n fi sí i ni ọ̀rọ̀ 20. Ọmọbìnrin tó gbé ìka lé àwòrán níjọ́sí ló kọ èyí: "Kí ẹ̀gẹ́ tó di gàrí, a ní láti fún omi olóró inú rẹ̀ dànù kí a tó yan án." Ó fi ìka kà á, kò tó ogún. Gbólóhùn yẹn kò sí níbì kankan nínú àyọkà. Inú mi dùn débi pé mo kọ ọ́ sórí pátákó, mo sì ní kí ẹnikẹ́ni má nù ún títí ilé-ìwé fi jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ń sọ àyọkà ní ṣókí lóòótọ́ tàbí ó kàn ń fo ìlà, ẹ wo bóyá "lẹ́yìn náà" àti "kọ́kọ́" pọ̀ nínú ohun tó kọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ ló ń tò, kò tíì dé ìdí kókó. Àmì yìí ò tàn mí rí lórí àyọkà tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́. Lórí ìtàn, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Àwọn ohun tó kù díẹ̀ káàtó ṣì wà o. Bébà káàdì náà fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ ti ń ká. Àmì ohùn ò pé lórí àwọn káàdì kan, ó sì ń da ọmọ láàmú bó bá ń kàwé sókè. Ọmọ tí ìwé kíkà ò tíì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kò ní rí nǹkan jẹ nínú rẹ̀, torí gbogbo agbára rẹ̀ á ti lọ sórí lẹ́tà. Ọ̀rẹ́ mi kan ra àpótí tuntun ní ìparí táàmù, àwòrán òpin ìtàn ṣì wà lórí káàdì èlùbọ́ síbẹ̀.

Mo fún un ní ìràwọ̀ 2 nínú 5. Síbẹ̀, mo ti ra òmíràn fún kíláàsì kẹfà. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ béèrè àyọkà tí kò ní àwòrán kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi síṣọ́ọ̀sì gé gbogbo káàdì ìtàn síbi ìlà pupa kí ọmọ kankan tó rí wọn.