Eraser àbí Layer Mask nínú Photoshop: èwo ni ká fi fi èèyàn kún fọ́tò?

Ká ní oníbàárà kan ní Kétu fẹ́ ká fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Àjàṣẹ́ kún fọ́tò ẹbí tí wọ́n yà níwájú ẹnubodè Àkàbà Ìdènà. Eraser yára: o pa ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ́, ó parí. Ṣùgbọ́n bí o bá ti tọ́jú fáìlì tí o sì ti pa á dé, Ctrl+Z kò lè dá ohun tó parẹ́ padà mọ́. Bí etí gèlè bá gé, àfi kí o tún bẹ̀rẹ̀.

Layer Mask kì í pa nǹkan rẹ́, ṣe ló ń bò ó. Dúdú ń fi pamọ́, funfun ń fi hàn, àwọ̀ eérú ń jẹ́ kó hàn díẹ̀. Gèlè gé? Tẹ X kí búrọ́ọ̀ṣì kúrò ní dúdú sí funfun, fi kùn ún, ó padà. Ibi irun ló ti wúlò jù, torí ta ló ń gé irun dáadáa lẹ́ẹ̀kan? Fi òjìji ẹ̀gbọ́n sórí léyà ọ̀tọ̀, kí o lè yí i bá oòrùn fọ́tò mu.

Ìnira Mask ni pé fáìlì PSD wúwo. Bí o bá sì tọ́jú JPEG nìkan, gbogbo léyà ti di ọ̀kan.

Fún àwòrán WhatsApp lásán, lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára, Eraser tó. Fún oníbàárà tó lè ní “ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá,” Mask ni.