Orin àti ègé fídíò fún iṣẹ́ oníbàárà: àṣẹ wo ni kí o rà?

Ká ní oníṣòwò àdìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, gbé iṣẹ́ fún ọ. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fẹ́. Yóò gbé e sójú ìkànnì YouTube tirẹ̀, yóò sì tún sanwó kí wọ́n máa fi polówó ọjà. O nílò orin kan lábẹ́ ọ̀rọ̀, ègé fídíò méjì tó fi Èkó hàn láti òkè, àti díẹ̀ nínú fídíò ẹlòmíì tó ya bí wọ́n ṣe ń rẹ aṣọ sínú aró.

Má kọ́kọ́ wo iye owó. Ohun tí mo máa ń fi wọn àṣẹ wò ni pé ìkànnì ta ni wọ́n fàyè gbà, àti kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí a kò bá sanwó mọ́.

Orin: oṣooṣù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí ọ̀fẹ́

Epidemic Sound jẹ́ ti oṣooṣù. Wàá so ìkànnì rẹ mọ́ àkáǹtì wọn, kí Content ID, ẹ̀rọ tí YouTube fi ń dá orin mọ̀, má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Fídíò tó o bá gbé jáde nígbà tó o ṣì ń sanwó kò ní wàhálà, bó o tilẹ̀ dáwọ́ dúró lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n o kò lè fi orin tó ṣẹ́ kù sórí ẹ̀rọ rẹ ṣe fídíò tuntun. Ètò tí owó rẹ̀ kéré, ìkànnì tìrẹ ló wà fún. Iṣẹ́ oníbàárà ń béèrè ètò tó ga jù ú lọ. Bí ìyá aláàdìrẹ bá tún fi fídíò pamọ́ títí ọdún yóò fi dé, tí owó rẹ sì ti tán kó tó gbé e jáde, kò sí àṣẹ níbẹ̀.

Ní AudioJungle, ẹ̀ẹ̀kan lo máa sanwó, àṣẹ kan fún iṣẹ́ kan, ìbáà ṣe tìrẹ tàbí ti oníbàárà kan. Bó o bá fẹ́ lo orin yẹn kan náà fún fídíò mìíràn, tún un rà. `Royalty-Free` tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Ó kàn ń sọ pé o kò ní máa sanwó léraléra. Tọ́jú ìwé àṣẹ tí wọ́n bá fún ọ, torí àwọn olórin kan ti fi orin náà sínú Content ID. Wọ́n lè fẹ̀sùn kàn ọ́ lórí ohun tó o rà. Tó o bá takò ó, tó o sì fi ìwé náà hàn, 30 ọjọ́ ni ẹni náà ní láti fèsì.

Ọ̀fẹ́ ńkọ́? YouTube Audio Library dára, ṣùgbọ́n àwọn orin kan níbẹ̀ ń fẹ́ kó o kọ orúkọ olórin sábẹ́ fídíò. Níbòmíràn, bó o bá rí `NC` lára àmì Creative Commons, ìyẹn àṣẹ ọ̀fẹ́ tí olórin fi sára orin rẹ̀, kì í ṣe fún ìpolówó ọjà. `ND` náà kò wúlò, torí lílẹ orin mọ́ àwòrán jẹ́ àyípadà, òun gan-an ni àmì yẹn kọ̀.

Fún iṣẹ́ Ìtòkú yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èmi yóò rà. Ẹni tó ń gbé fídíò jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí ìkànnì ara rẹ̀ ni kó san oṣooṣù.

Bó bá jẹ́ orin gbajúmọ̀ ni ìyá fẹ́, ẹni méjì lo máa bẹ̀: ẹni tó ni orin tí wọ́n kọ, àti ẹni tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ọ̀kan kò lè fún ọ ní tèkejì.

Ègé fídíò

Wo àmì `Editorial Use Only` kó o tó sanwó. Ìròyìn àti ẹ̀kọ́ ló wà fún, torí àwọn tí ojú wọn hàn níbẹ̀ lè má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Pexels ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n o kò gbọ́dọ̀ mú kó dà bíi pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ń yin ọjà rẹ.

Fídíò ẹlòmíì

Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 fàyè gba lílò díẹ̀ fún àríwísí àti ìròyìn. Ìpolówó aṣọ kò sí nínú rẹ̀ ní tèmi, kíkọ orúkọ ẹni náà kò sì di àṣẹ. Kọ̀wé sí i:

«Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ nínú fídíò yín fún ìpolówó àdìrẹ, lórí YouTube àti Instagram, láìní gbèdéke. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ yà á? Ta ló ni orin tó wà lábẹ́ rẹ̀?»

Má gbójú fo ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn. Bó bá ní orin olówó lábẹ́, pa ohùn rẹ̀ kó o tó gé e. Bí ẹni tó ni í bá bẹ YouTube kí wọ́n yọ fídíò náà, ìkànnì ìyá aláàdìrẹ ló máa gba ìkìlọ̀, kì í ṣe tìrẹ. Mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́, wọ́n lè ti ìkànnì náà pa.