Sípíkà mẹ́rin, ampilifáyà kan: síríìsì ni tàbí párálẹ́lì?

Kí ẹ tó san owó sípíkà, ẹ wo ẹ̀yìn ampilifáyà yín, níbi tí a ti ń so wáyà mọ́ ọn. Oomu tó kéré jù tó lè gbà wà níbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ 4 tàbí 8. Òun ni kí ẹ fi pinnu, kì í ṣe wáàtì gàgàrà tó wà lára páálí. Oomu ni bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Bó bá ṣe ń kéré sí i ni ampilifáyà ń ṣiṣẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú ampilifáyà tó ń gbé 100 wáàtì jáde ní apá òsì, 100 ní apá ọ̀tún, lórí oomu 4. Gbogbo sípíkà wa jẹ́ oomu 8.

Ní párálẹ́lì, gbogbo ẹsẹ̀ pupa ni a kó jọ sí pupa, gbogbo dúdú sí dúdú. Sípíkà méjì di oomu 4, ìkọ̀ọ̀kan gba 50 wáàtì. Ó dára. Bí ẹ bá so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ apá kan, oomu 2 ló kù, iná tí wọ́n ń fà á sì di ìlọ́po méjì. Mo rí i níbi ìṣọ́ òru kan: orin ń lọ geere, àfi bí ohùn ṣe dákẹ́ lójijì tí iná pupa sì tàn. Nígbà tí ẹ̀rọ tutù, ó tún sọ̀rọ̀, ó tún kú. Àwọn èèyàn ń bú jẹnẹrétọ̀, wáyà ló jẹ̀bi.

Ní síríìsì, dúdú ti àkọ́kọ́ ni a so mọ́ pupa ti èkejì, kí iná gba inú wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì di oomu 16. Ara ampilifáyà á balẹ̀, ṣùgbọ́n wáàtì 12.5 péré ni sípíkà kọ̀ọ̀kan ń gbà. Bí wáyà inú ọ̀kan bá jó, méjèèjì á dákẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ní párálẹ́lì èkejì á ṣì máa sọ. Ẹ má fi oomu 4 àti 8 papọ̀ ní síríìsì: ti 8 ni yóò gba ìlọ́po méjì wáàtì ti ìkejì.

Èmi á ra mẹ́rin oomu 8, máa so méjì-méjì ní párálẹ́lì sí apá kọ̀ọ̀kan. Bí ampilifáyà yín bá ní 8 ni òpin rẹ̀, tí apá kan ṣoṣo ló sì wà, ẹ so méjì ní síríìsì, ẹ so méjì yòókù bákan náà, kí ẹ wá fi ìdì méjèèjì ṣe párálẹ́lì. Oomu 8 ló máa padà jẹ́.

Kí ẹ tó tan án, ẹ yọ wáyà kúrò lára ampilifáyà, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Ohun tí mítà máa ń kà máa ń dín díẹ̀ sí oomu tí wọ́n kọ sára sípíkà: sípíkà oomu 8 kan sábà máa ń fi bíi 6 hàn, méjì ní párálẹ́lì á fi bíi 3 hàn. Bó bá sún mọ́ òdo, wáyà ti kan ara wọn níbì kan.