Dọ́m ni, àbí àsùnwọ̀n orí fóònù? Ìfiwéra fún dìsáínà tó ń gba dọ́là, àti ímeèlì tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu

Ká ní dìsáínà kan ní Ìbàdàn ya lógò fún ilé-iṣẹ́ kan ní Texas, owó iṣẹ́ náà sì jẹ́ $600. Oníbàárà kọ̀wé pé, "Ẹ sọ fún mi bí màá ṣe sanwó." Ímeèlì tí dìsáínà bá fi fèsì ni yóò sọ iye tó máa kù nínú $600 yẹn, torí náà ẹ má tíì kọ ọ́ títí ẹ ó fi mọ ọ̀nà tí ẹ fẹ́ kí owó gbà.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni àsùnwọ̀n dọ́là ní báǹkì wa níbí, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní dọ́m. SWIFT, ìyẹn ètò tí àwọn báǹkì fi ń fi owó ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ni owó ń gbà wọ inú rẹ̀. Èkejì ni àsùnwọ̀n orí fóònù ti àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Payoneer àti Grey. Wọ́n máa ń fún yín ní nọ́ńbà àsùnwọ̀n tó wà ní Amẹ́ríkà, oníbàárà á sì fi ACH san án, ìyẹn ètò tí àwọn báǹkì Amẹ́ríkà fi ń fi owó ránṣẹ́ síra wọn nílé.

Ẹ jẹ́ ká fi owó wé owó. Nínú SWIFT, owó lè gba ọwọ́ báǹkì alárinà kan kó tó dé Nàìjíríà, alárinà náà á sì gé tirẹ̀. Ká ní ó gé $20: $580 ló dé. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ti san owó ìfiránṣẹ́ ní báǹkì tirẹ̀, báǹkì yín náà sì lè gé díẹ̀. Nínú ACH, ká ní ilé-iṣẹ́ tí ẹ forúkọ sí ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún: $6 ló lọ, $594 ló dé. ACH ló jàre níbẹ̀. Àmọ́ bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ $6,000, alárinà ṣì lè gé $20 yẹn náà, nígbà tí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti di $60. Pẹ̀lú iye tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, $2,000 ni ibi tí méjèèjì ti dọ́gba. Ẹ fi iye tí báǹkì yín àti ilé-iṣẹ́ yín ń gbà gan-an rọ́pò tèmi, kí ẹ tún un ṣírò.

Ṣíṣẹ́ dọ́là sí náírà tún wà lẹ́yìn ìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń fi náírà 15 dín iye tó ń ṣẹ́ dọ́là kọ̀ọ̀kan sí ti ẹlòmíràn ní wákàtí kan náà, lórí $594, náírà 8,910 ló ti bọ́ lọ́wọ́ yín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é ní owó iṣẹ́. Èyí tó ń pariwo pé òun kì í gba kọ́bọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò bó ṣe ń ṣẹ́ dọ́là. Ní ti dọ́m, dọ́là yín lè jókòó síbẹ̀ títí ẹ ó fi fẹ́ ná an, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí oníbàárà ń gbé tún ṣe pàtàkì ju irú owó tó fẹ́ san lọ. ACH kì í jáde ní Amẹ́ríkà. Bí oníbàárà tó wà ní Jámánì bá ní òun fẹ́ san dọ́là, tí ẹ sì fi nọ́ńbà ACH ránṣẹ́ sí i, báǹkì rẹ̀ lè fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ SWIFT, kí owó náà sì padà sẹ́yìn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan pẹ̀lú gígé lára. Fún ẹni tó wà ní Yúróòpù, ẹ bèèrè IBAN yúrò, ìyẹn irú nọ́ńbà àsùnwọ̀n tí wọ́n ń lò níbẹ̀, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín. Fún ẹni tó wà ní Ìlú Ọba, nọ́ńbà àsùnwọ̀n tó ní nọ́ńbà mẹ́jọ àti sort code tó ní mẹ́fà. Ẹ tún ka ìlànà wọn nípa ẹni tó lè sanwó: òmíràn ń gba owó láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ nìkan, kì í gbà á láti ọwọ́ èèyàn lásán.

Líǹkì káàdì náà wà, ó sì yá jù lọ. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ga ju ti ACH lọ, ẹni tó fi káàdì san sì lè ní kí báǹkì òun gba owó náà padà, nígbà míì lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Fún oníbàárà tuntun tí ẹ kò mọ̀ rí, èmi ò ní gbé fáìlì ìparí jáde lórí owó káàdì.

Wàyí o, ímeèlì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí ẹ fún oníbàárà. Bí ẹ bá kó mẹ́ta jọ fún un, èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló máa mú, kì í ṣe èyí tó ṣe yín lóore. Fún ará Texas wa, Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó máa sọ nìyí:

"Ẹ ṣeun tí ẹ gba iṣẹ́ náà wọlé. Ínfọ́ìsì $600 wà lára ímeèlì yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ACH ni kí ẹ fi san án, ẹ má fi wáyà ránṣẹ́. Báǹkì tó wà nísàlẹ̀ yìí wà ní Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni mò ń gbé; ilé-iṣẹ́ tó ń bá mi gba owó ló ṣí i fún mi. Mi ò ní fi ímeèlì nìkan yí nọ́ńbà yìí padà láé. Bí ẹ bá rí ímeèlì tó sọ pé mo ti yí i, ẹ pè mí lórí fídíò kí ẹ tó san ohunkóhun."

```
Account name:
Bank name:
ACH routing number:
Account number:
Account type:
Reference: INV-014
```

Gbólóhùn nípa Ìbàdàn yẹn kì í ṣe àṣejù. Ẹni tó ń bójú tó owó ní ilé-iṣẹ́ oníbàárà á rí i pé ibi tí báǹkì wà kò bá ibi tí ẹ ń gbé mu, ó sì lè dá owó dúró nítorí ìfura. Ẹ wo orúkọ àsùnwọ̀n náà dáadáa pẹ̀lú: bó bá jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ ló wà níbẹ̀ dípò tiyín, ẹ sọ ọ́ fún un ṣáájú.

Bó bá jẹ́ dọ́m lẹ yàn, ímeèlì náà á yí padà. Ẹ ó kọ orúkọ yín bó ṣe wà ní báǹkì gan-an, nọ́ńbà mẹ́wàá ti dọ́m (kì í ṣe ti náírà), àti kóòdù SWIFT, irú bíi `GTBINGLA` tàbí `ZEIBNGLA`. `NG` inú rẹ̀ ló ń tọ́ka sí Nàìjíríà. Ẹ bèèrè báǹkì alárinà lọ́wọ́ báǹkì yín kí ẹ fi kún un. Ẹ tún sọ fún oníbàárà pé Nàìjíríà kì í lo IBAN, torí bí fọ́ọ̀mù bá bèèrè rẹ̀, ó lè ro pé ẹ gbàgbé nǹkan ni. Ní ti owó gígé, ẹ ní kó mú `OUR`, ìyẹn ni pé òun ló gba gbogbo rẹ̀ rù. `SHA` pín in, `BEN` sì kó o lé yín lórí. Kódà pẹ̀lú `OUR`, alárinà ṣì lè gé díẹ̀, nítorí náà mo máa ń fẹ́ kí ó hàn nínú àdéhùn pé iye tó bá wọlé la ó kà.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí dọ́m ò tíì dún, ẹ má gba àwòrán ojú fóònù tó ní "Sent" gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ ní kí ó gba ìwé ẹ̀rí ìfiránṣẹ́ SWIFT, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí MT103, lọ́wọ́ báǹkì rẹ̀. UETR wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà gígùn tí báǹkì yín lè fi tọpa owó náà dé ọwọ́ ẹni tó wà.

Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà náà tún lè bèèrè fọ́ọ̀mù owó-orí kó tó san ohunkóhun. W-8BEN ni ti ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀. Bí wọ́n bá fi W-9 ránṣẹ́, ẹ má buwọ́ lù ú, àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó wà fún. Ẹ so W-8BEN mọ́ ímeèlì àkọ́kọ́ yẹn, kí wọ́n má baà tún dá ínfọ́ìsì yín dúró di oṣù tó ń bọ̀.