Wáyà ni tàbí Wáífáì? Bí ẹ ṣe lè gbé géèmù fóònù sójú tẹlifíṣọ̀n láìpẹ́

Bó bá jẹ́ lúdò nìkan lẹ jọ ń ta nílé, ẹ má náwó rárá, Wáífáì tó wà lára tẹlifíṣọ̀n yín tó. Géèmù bọ́ọ̀lù àti ìje ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, torí àwòrán kò gbọdọ̀ pẹ́ kó tó dé ojú tẹlifíṣọ̀n.

Tí ẹ bá lo Wáífáì, fóònù á kọ́kọ́ fún àwòrán pọ̀, á fi ránṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n á tún tú u, á sì fi díẹ̀ pa mọ́ kí fídíò má baà máa já. Ibẹ̀ ni àkókò ti ń lọ. Láwọn ilé alájà púpọ̀ ní Súrùlérè tàbí Yábàá, Wáífáì aládùúgbò tún ń dí ọ̀nà, pàápàá lórí 2.4 GHz. Ẹ lo 5 GHz bí róútà yín bá ní in.

Wáyà USB-C sí HDMI ló yá jù, torí kì í fún àwòrán pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo fóònù ló ń gbà á. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "DisplayPort" nínú àlàyé fóònù yín. Galaxy S láti S8 ní in, iPhone 15 náà ní in. Ọ̀pọ̀ Galaxy A kò ní in. Tí ẹ bá dé Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ ní kí ọlọ́jà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n lójú yín kí ẹ tó sanwó. Bó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ gba áàpù kan sórí fóònù, irú tó ń fún àwòrán pọ̀ nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó ní ihò tí a ti lè máa gba iná sí fóònù ni kí ẹ rà, torí géèmù máa ń jẹ bátìrì.

Bí fóònù Android yín kò bá ní DisplayPort, tí láàpútọ́ọ̀pù sì wà nílé, scrcpy ni mo fọwọ́ sí, áàpù orí láàpútọ́ọ̀pù tó ń gbé ojú fóònù síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ṣe é sọ pé ó ń pẹ́ tó mìlísẹ́kọ́ńdì 35 sí 70. Ẹ tẹ "Build number" nígbà méje nínú "About phone", kí ẹ tan "USB debugging" nínú "Developer options", kí ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ láàpútọ́ọ̀pù, kí ẹ sì tẹ "Allow" lórí fóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àṣẹ yìí sínú Terminal láàpútọ́ọ̀pù:

```
scrcpy --max-size=1280 --max-fps=60
```

Bí àṣẹ `adb devices` kò bá fi fóònù hàn, ó lè jẹ́ wáyà tó ń gbé iná nìkan lẹ lò. Ohùn ń jáde láti Android 11 lọ sókè. Ẹ wá fi HDMI so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ náà ń fa ìpẹ́, torí ó ń tún àwòrán ṣe kó tó gbé e jáde. "Game Mode" ló ń dín in kù.

Láti wọn ìpẹ́ náà, ẹ fi fóònù kejì ya fídíò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n jọ wà nínú rẹ̀. Bí àyípadà bá hàn lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn àwòrán 12, mìlísẹ́kọ́ńdì 50 ni, bọ́ọ̀lù á ṣeé gbá. Bó bá jẹ́ 48, ó ti di 200, ọmọ á tẹ bọ́tìnnì nígbà tí bọ́ọ̀lù ti kọjá. Ẹ kọ́kọ́ yẹ "Game Mode" wò kí ẹ tó lọ ra nǹkan mìíràn.