Wọ́n fi owó kún sọ́bù íńtánẹ́ẹ̀tì mi: ti ilé kò nílò ìfọwọ́sí mi, ti ṣọ́ọ̀bù nílò rẹ̀

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni mo ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ yìí nílé mi ní Gàá Akánbí, ní Ìlọrin. Nígbà tí ó di oṣù kejì ọdún 2025, mo mú un wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Tánkẹ̀, níbi tí a ti ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn ọmọ Yunifásítì, tí a sì ń bá wọn forúkọ sílẹ̀ fún sáà tuntun. Ní ti iṣẹ́ gan-an, n kò ní ẹ̀sùn púpọ̀. Ó máa ń yára, òjò ńlá nìkan ló ń dà á láàmú, bí ó bá sì bàjẹ́, wọn kì í pẹ́ rán ẹni tí yóò tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n fi kún un lọ́dún yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí pé mo rí i tí ọ̀pọ̀ aládùúgbò mi gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà, tí àwọn kan sanwó tí kò yẹ kí wọ́n san, tí àwọn mìíràn sì ń bínú sí owó tí wọ́n jẹ ní tòótọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ inú méjèèjì kò yàtọ̀: owó á gòkè láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, nítorí dọ́là àti dísù, àti pé bí a bá ń lò ó lọ, wọ́n á kà á sí pé a ti gbà. Ti ilé kúrò ní ₦15,000 lóṣù sí ₦19,500. Ti ṣọ́ọ̀bù kúrò ní ₦22,000 sí ₦28,600. Èrò tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé méjèèjì kò bójú mu. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ lọ́yà ní Ọ̀fà. Wọn ò tilẹ̀ bi mí nípa iye owó náà. Wọ́n ní, "Àbúrò, lọ mú ohun tí o fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí o gbà á wá, kí o kà á sí mi létí. Owó tó wọ́n kọ́ là ń wò. Ohun tí ẹ jọ sọ ni à ń wò."

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ilé. Orí áàpù ni mo ti ṣí i, ọgbọ̀n ọjọ́ ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo sì ń san tẹ́lẹ̀ kí n tó lò ó. Inú àdéhùn rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ lè yí owó padà, pé wọ́n á fi ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú sọ fún oníbàárà, àti pé oníbàárà lè dá a dúró nígbà tó bá wù ú láìsan nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí ẹjọ́ ìfọwọ́sí níbẹ̀. Oṣù kọ̀ọ̀kan dà bí ìgbà tí èèyàn lọ ra gààrí lọ́jà: oṣù tí mo ti san fún jẹ́ tèmi ní iye tí mo san, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣèlérí iye tí oṣù tó ń bọ̀ yóò jẹ́ fún mi. Bí mo bá san owó tuntun, mo ti gbà nìyẹn. Bí mi ò bá fẹ́, kí n má san, kí a sì pínyà.

Àmọ́ àìnílò ìfọwọ́sí kò túmọ̀ sí pé wọ́n lè ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọgbọ̀n ọjọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje, ọgbọ̀n ọjọ́ náà kò pé títí di ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ. Sọ́bù ilé mi sì máa ń tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Nítorí náà, èyí tí mo san lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹjọ yẹ kó ṣì jẹ́ ₦15,000, kí owó tuntun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin oṣù kẹsàn-án. Wọ́n gba ₦19,500. Ẹ̀tọ́ mi níbẹ̀ kò ju ₦4,500 ìgbà kan ṣoṣo yẹn lọ.

Ti ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Ìwé ni mo fọwọ́ sí níbẹ̀, fún oṣù méjìlá gbáko, láti oṣù kejì 2025 títí dé òpin oṣù kìíní 2026. Wọ́n fún mi ní ráútà àti òpó orí òrùlé láìgba owó, ṣùgbọ́n bí mo bá kúrò kí ọdún tó pé, màá san ₦60,000. Lábẹ́ èyí, ìlà kan wà tí mo ti gbàgbé pé mo kà rí: owó oṣooṣù náà kò ní yí padà títí oṣù méjìlá yóò fi pé, àyàfi bí ìjọba bá yí owó-orí padà.

Ìlà yẹn ló dáhùn gbogbo ìbéèrè. Wọ́n ti ta iye owó fún mi pa pọ̀ mọ́ àkókò. Èmi náà ti fi nǹkan dúró, torí mo ti so ara mi mọ́ wọn fún ọdún kan. Bí ẹnì kan nínú àwa méjèèjì bá fẹ́ yí i padà láàárín, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ gbà. Àyàfi kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ara wọn ni owó-orí, VAT sì wà ní 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí i, ibẹ̀ náà ló ṣì wà lọ́jọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà dé. Ká ní ó ti gòkè ni, wọ́n ì bá ní ẹ̀tọ́ láti fi ìyàtọ̀ owó-orí nìkan kún un. Dọ́là àti dísù kò sí nínú ìwé náà rárá. Owó tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi láìtọ́ jẹ́ ₦6,600 lóṣù fún oṣù mẹ́fà tó kù, ìyẹn ₦39,600.

Alhaja tó ń ta aṣọ ní ìsọ̀ kejì tèmi náà mú ìwé tiwọn wá, wọ́n ní, "Ẹ bá mi wò ó, ṣé tèmi náà ò gbọdọ̀ yí ni?" Ọdún kan ni tiwọn náà, ṣùgbọ́n ìwé wọn kò rí bíi tèmi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a lè tún owó yẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, pé bí oníbàárà kò bá fẹ́ owó tuntun, ó lè dá ráútà padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá láìsan ₦60,000. Alhaja ti fọwọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà àbájáde sì wà fún wọn. Ó dùn mí láti sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n owó náà tọ́. Bí ìwé kan bá ní ilé-iṣẹ́ lè yí owó bó ṣe wù ú, tí ó sì tún de oníbàárà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú owó ìtanràn, irú èyí ni abala 127 nínú FCCPA, òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà, lè bá wí, torí abala náà lòdì sí àdéhùn tí kò bá ìdájọ́ òdodo mu.

Mo kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ náà lórí ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kọkànlá oṣù keje. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n má dúró. Ìdákẹ́jẹ́ kò sọ èèyàn di ẹni tó gbà, lílò ohun tí mo ti ní ẹ̀tọ́ sí fún ọdún kan náà kò túmọ̀ sí pé mo gba owó tuntun. Ṣùgbọ́n bí mo bá san ₦28,600 fún oṣù mẹ́ta láìsọ nǹkan, wọ́n lè fi ìsanwó náà ṣe ẹ̀rí pé mo ti gbà. Mo kọ ọ́ kedere pé n kò gbà, pé màá máa san ₦22,000, mo sì so àwòrán ìwé mi mọ́ ọn.

Èsì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Èkejì ló mú mi lára gbóná. Wọ́n ní kí n lọ ka ìlà kẹrìnlá nínú àdéhùn orí wẹ́ẹ̀bù wọn, tó sọ pé wọ́n lè yí owó nígbàkúùgbà. Mo lọ síbẹ̀, mo bá a. Mo wá wo ìsàlẹ̀ ojú ewé náà, mo rí i pé oṣù kẹfà 2025 ni wọ́n tún un kọ, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí mo fọwọ́ sí tèmi. Fáìlì PDF tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ímeèlì mi lóṣù kejì ṣì wà níbẹ̀, ìlà mẹ́tàlá péré ló ní. Mo fi méjèèjì ránṣẹ́ sí wọn pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa irú fáìlì bẹ́ẹ̀ rẹ́, torí òun ló sọ ohun tí ẹ fọwọ́ sí.

Láàárín ìgbà yìí, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ti fọwọ́ sí owó tuntun. Òótọ́ ni pé lábẹ́ òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ NCC kí ó tó yí owó padà. Ọ̀rọ̀ yìí ni NCC fi bá Starlink jà ní oṣù kẹwàá 2024, nígbà tí Starlink kéde pé owó oṣù á kúrò ní ₦38,000 sí ₦75,000. Ṣùgbọ́n àṣẹ NCC ń sọ iye tí wọ́n lè tà á fún ará ìlú ni. Kò fọwọ́ kan ìlérí tí wọ́n ti kọ fún mi. Ilé-iṣẹ́ lè gba àṣẹ ìjọba tán, kó ṣì nílò tèmi.

Wọ́n tún gé ₦28,600 lórí káàdì mi lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Nínú áàpù wọn, mo yọ káàdì náà kúrò lọ́jọ́ yẹn gan-an, láti ìgbà náà ni mo ti ń fi tíránsífà san án fúnra mi. Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn ìyẹn ni ₦6,600 padà wọlé, pẹ̀lú lẹ́tà pé ₦22,000 ni màá máa san títí dé òpin oṣù kìíní 2026. Obìnrin tó kọ lẹ́tà náà bẹ̀ mí dáadáa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

₦4,500 ti ilé kò tíì dé títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ní àwọn ń wò ó. Mo ti pe 622 ti NCC, wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ilé-iṣẹ́ náà. Ráútà wọn dára, àwọn atúnṣe wọn ń dé lásìkò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kò wo irú àdéhùn tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.